Kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo: báwo ni wọ́n ṣe máa jọ kẹ́kọ̀ọ́?

TíṣàAbúlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹnu iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé lẹ́bàá Ṣakí. Olùkọ́ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, hẹ́dímásítà wà lára wọn. Pírámárì 1, 2 àti 3 ni wọ́n kó fún mi nínú yàrá kan: ọmọ 31, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 5, èyí tó dàgbà jù ti pé 11. Tí mo bá kọjú sí àwọn kékeré, àwọn yòókù á sọ kíláàsì dọjà. Tí mo bá kọjú sí àwọn ńlá, àwọn kékeré á sùn lọ. Ṣé ó tiẹ̀ ṣe é ṣe kí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, àbí kí n kàn máa ṣọ́ wọn títí agogo á fi lù? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olóòótọ́:
Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín pátákó ìkọ̀wé sí mẹ́ta, kí ẹ kọ iṣẹ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni ẹ̀kọ́ kan, ẹ pín òun náà sí mẹ́ta lọ́gbọọgba. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

ỌmọAlfa:
Kí ló wá le níbẹ̀? Ní ilé-kéwú wa, ọmọ ọdún 5 àti ọmọ ọdún 15 ló ń jókòó lórí ẹní kan náà. Kálukú pẹ̀lú wàláà tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú ibi tó kà dé. Ẹnì kan wà ní bá, tá. Ẹnì kejì ti ń sún mọ́ wòlímọ̀. Alfa á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti kà jìnnà á máa gbọ́ ti àwọn kékeré. A ò mọ ohun tó ń jẹ́ kíláàsì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ńlá máa kọ́ àwọn kékeré, kí ẹ̀yin jókòó kí ẹ máa wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n má pín ìṣẹ́jú 40 sí mẹ́ta o. Tí o bá pín in, ọmọ kọ̀ọ̀kan á rí ọ fún ìṣẹ́jú 13, á sì fi 27 jókòó lásán. Ariwo tí ò ń gbọ́ yẹn, inú 27 yẹn ló ti ń jáde. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà burú.

ỌmọAlfa sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fò kọjá lórí rẹ̀: kálukú wà níbi tó kà dé. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà kíláàsì tó wà nínú rẹ́jísítà, ti ìjọba nìyẹn. Ohun tí ìwọ nílò ni kí o mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kàwé dé. Mú pépà líle kan, kọ ìlà mẹ́rin sí i. Ìlà kìíní, lẹ́tà márùn-ún: b, g, gb, ẹ, ṣ. Ìlà kejì, sílébù: bá, gbe, ṣọ, dì, kẹ́. Ìlà kẹta, ọ̀rọ̀: ilé, bàtà, ẹyẹ, ìgbálẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà kẹrin, ìtàn kúkúrú: «Bọ́lá lọ sí oko. Ó rí ejò lábẹ́ igi. Ó sáré padà sílé. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.» Pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ, kí àwọn tó kù má gbọ́ ohun tó ń kà, nítorí wọ́n á há a sórí kó tó kàn wọ́n. Ibi tí ọmọ bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọmọ kan. Àwọn ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ló sọ irú ìdánwò yìí di olókìkí. Àwọn ọmọ pírámárì 3 sí 5 ni wọ́n máa ń kó jọ, tí wọ́n á fi bí kálukú ṣe lè kàwé pín wọn, láì wo ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú gbogbo wọn pa pọ̀. Pa àlọ́ kúkúrú, tàbí kí o ka ìtàn fún wọn fún ìṣẹ́jú 10. Ọmọ ọdún 5 àti ọmọ ọdún 11 lè gbọ́ àlọ́ kan náà, ohun tí kálukú á fi ṣe ló yàtọ̀. Kí o wá pín wọn: àwọn onílẹ́tà jókòó tì ọ́, kí wọ́n máa wá lẹ́tà inú orúkọ ẹranko tó wà nínú àlọ́ náà. Àwọn onísílébù àti ọ̀rọ̀ á máa to káàdì tí o ti gé sílẹ̀. Àwọn tó ti ń ka ìtàn á kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé. Ìṣẹ́jú 15 ni kí o lò lọ́dọ̀ àwọn onílẹ́tà, torí àwọn ni kò lè dá ohunkóhun ṣe. Lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàárín fún ìṣẹ́jú 10, kí o wá fi márùn-ún tó kù gbọ́ ohun tí àwọn ńlá kọ. Kò dọ́gba, kò sì yẹ kó dọ́gba.

Ní ti pé kí àwọn ńlá kọ́ àwọn kékeré, wọ́n ti gbìyànjú ìyẹn kọjá ohun tí ỌmọAlfa rò. Ní 1798, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Lancaster dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Borough Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń fi olùkọ́ kan ṣoṣo kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ tó dàgbà ló sì ń ṣe tíṣà fún àwọn kékeré. Owó tó ń ná wọn kéré, ètò náà sì tàn ká ayé. Ó dára fún ohun tí a ń há sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di kí ọmọ ní òye ohun tó ń kà, ọmọ tó jẹ́ pé àná lòun náà há a sórí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, olórí ẹgbẹ́ lè pín káàdì, ó lè tẹ́tí gbọ́, ó lè sọ pé «tún un kà». Kò gbọdọ̀ kọ́ ohun tuntun, kò gbọdọ̀ máàkì ìwé, kò sì gbọdọ̀ mú pàṣán. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá olórí ẹgbẹ́ ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn, wo àṣìṣe wọn. Bí ọmọ mẹ́rin bá kọ àṣìṣe kan náà ní ọ̀nà kan náà, orí kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́.

ÌyáMoyọ̀:
Ẹ ṣeun Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ilé-ìwé aládàáni kan ni ọmọ mi ń lọ, ọmọ ọdún 6 ni. Wọ́n dédé kó àwọn ọmọ Nọ́sìrì 2 mọ́ àwọn ọmọ Pírámárì 1, wọ́n ní Montẹsórì làwọn ń ṣe báyìí. Owó ilé-ìwé kò dín, ó tún lé sí i. Ọmọ mi ti wá di ẹni tó ń báni fa sípù ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé kí n gbé e lọ sí Pírámárì 2, kó fò ó?

Olóòótọ́:
Màmá, ìyẹn kọ́ ni ohun tí Àǹtí bèèrè o 😂

Àdúkẹ́_Abadíìnì:
Ẹ jẹ́ kí n dá ìyá wa lóhùn, torí àwọn ọmọ mi ti gba ibẹ̀ kọjá. Ní Sìkọ́tíláǹdì níbí, kíláàsì àdàpọ̀ pọ̀ gan-an, pàápàá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Ọmọ mi kejì wà ní pírámárì 2, àwọn pírámárì 3 sì wà nínú yàrá kan náà. Inú ń bí mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo rò pé wọ́n ti já ọmọ mi sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí ẹ ní láti wò. Àkọ́kọ́, iye ọmọ: kíláàsì àdàpọ̀ níbí kò gbọdọ̀ ju 25 lọ, ó kéré sí ti kíláàsì lásán. Wọn kì í fi àdàpọ̀ ki ọmọ púpọ̀ sí i mọ́ra, wọ́n ń dín wọn kù ni. Èkejì, mo wo ìwé ọmọ mi. Iṣẹ́ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pírámárì 3, ó sì ń le sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Montẹsórì gan-an, ọjọ́ orí mẹ́ta ló máa ń wà nínú yàrá kan: 3 sí 6, 6 sí 9, 9 sí 12. Ṣùgbọ́n yàrá náà kún fún ohun èlò tí ọmọ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú láti orí pẹpẹ, wọ́n sì kọ́ olùkọ́ fún un. Bí kò bá sí ohun èlò, tí kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, owó olùkọ́ kan ni wọ́n fẹ́ tọ́jú sápò. Ẹ má tíì sọ pé kó fo kíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé rẹ̀ wò.

ÌyáMoyọ̀:
Mo ti ṣí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti dà wọ́n pọ̀, A B D ni, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, ohun tó ti mọ̀ látọjọ́. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

TíṣàAbúlé:
Bàbá, mo ti ṣe ìdánwò náà. Ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ 13 ló wà ní pírámárì 1, 10 ní pírámárì 2, 8 ní pírámárì 3. Àwọn tó dúró sí lẹ́tà jẹ́ 15: 11 láti pírámárì 1, 3 láti pírámárì 2, àti ọ̀kan láti pírámárì 3. Àwọn tó dé sílébù àti ọ̀rọ̀ jẹ́ 10: 2 láti pírámárì 1, 5 láti pírámárì 2, 3 láti pírámárì 3. Àwọn mẹ́fà péré ló ka ìtàn náà, 2 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ pírámárì 2. Gbogbo ìgbà tí mò ń kọ́ «pírámárì 3», ìdajì wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìṣòro mi ni ọmọ kan yẹn láti pírámárì 3. Òun ni ọmọ ọdún 11 tí mo sọ. Mo ní kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn onílẹ́tà, àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Kò wá sílé-ìwé lọ́jọ́ kejì.

ỌmọAlfa:
Ẹ ẹ rí i? Ní ilé-kéwú, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín, torí kò sí kíláàsì tó ti já bọ́ láti inú rẹ̀.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Ohun tí Alfa sọ yìí, mo gbà á pátápátá.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 11 ò gbọdọ̀ bá ọmọ ọdún 5 jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún kíkà lẹ́tà. Èyí ni ibi tó le jù nínú kíláàsì àdàpọ̀, àwọn tó ń yìn ín kì í sì í sọ ọ́. Fi í sínú ẹgbẹ́ àárín, kí wọ́n máa to káàdì ọ̀rọ̀. Káàdì tirẹ̀ ni kó yàtọ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ tó ń ṣe nílé mu, bí ọkọ́, àdá, iṣu, ẹran. Inú orúkọ ara rẹ̀ ni kó ti mọ lẹ́tà. Fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìwọ àti òun nìkan, kí agogo tó lù láàárọ̀, kó má jẹ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, bi í ní ìṣirò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Àfàìmọ̀ ni kó má mọ ìyọkúrò ju gbogbo kíláàsì lọ. Ẹgbẹ́ ìwé kíkà kọ́ ni ẹgbẹ́ ìṣirò. Tún wọn pín, kí o fi í síbi tó yẹ ẹ́. Tí àwọn ọmọ bá rí i níwájú ní ìṣirò, ẹ̀rín náà á rọlẹ̀.

Lọ bá àwọn òbí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

TíṣàAbúlé:
Ó ti padà, Bàbá. Ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn lóòótọ́. Ṣé ẹ lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń kọ́ ìṣirò fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan? Mo mọ bí mo ṣe lè pa àlọ́ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyọkúrò pírámárì 1 àti ti pírámárì 3 jìnnà síra.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Wọn kò jìnnà tó bí o ṣe rò. Ìtàn kan, ohun èlò kan, nọ́ńbà mẹ́ta. Ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́nrán ìgbálẹ̀ wá láti ilé. Ẹ gé wọn sí ìwọ̀n ìka, kí ẹ so wọ́n ní ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí àwọn kan wà láìso. Ìtàn náà ni pé ìyá ọlọ́sàn gbé ọsàn lọ sọ́jà, ó tà díẹ̀, mélòó ló kù?

Fún àwọn kékeré: ó gbé 9 lọ, ó ta 4. Wọ́n á ka fọ́nrán mẹ́sàn-án, wọ́n á mú mẹ́rin kúrò, wọ́n á ka èyí tó kù. Fún àwọn aláàárín: ó gbé 36 lọ, ó ta 14. Ìdì mẹ́ta àti fọ́nrán mẹ́fà; wọ́n á mú ìdì kan àti mẹ́rin kúrò, ó ku 22. Kò sí ìdì tí wọ́n máa tú.

Fún àwọn tó ti lọ síwájú: ó gbé 52 lọ, ó ta 27. Ìdì márùn-ún àti fọ́nrán méjì. Ó fẹ́ mú méje nínú méjì, kò ṣe é ṣe. Níbí ni ọmọ tó há ìlànà sórí ti máa ń yí i, tó máa sọ pé 7 dín 2 jẹ́ 5, tí á wá kọ 35. Má sọ pé ó kùnà. Gbé ìgbálẹ̀ fún un, ní kó fún ọ ní 27 nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa tú ìdì kan. Ó ku ìdì mẹ́rin àti fọ́nrán 12. Ó mú méje, ó ku márùn-ún. Ó mú ìdì méjì, ó ku méjì. 25. Ìgbà náà ni kí o tó jẹ́ kó kọ ọ́ sórí pátákó, kó rí i pé 1 kékeré tí a máa ń kọ sókè yẹn, ìdì tó tú ni.

Àǹfààní tí yàrá àdàpọ̀ ní tí kíláàsì kan ṣoṣo kò ní wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá ń tú ìdì yẹn pẹ̀lú àwọn ńlá, àwọn aláàárín ń wò ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ohun kan náà ni fún ọmọ ńlá tí kò gbọ́ ohun tí a kọ́ lọ́dún tó kọjá: ó tún lè gbọ́ ọ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a padà.

Àdúkẹ́_Abadíìnì:
Bàbá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́fà tó ń ka ìtàn yẹn ló ń ká mi lára. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ẹ fún wọn nínú 40. Lójoojúmọ́, gbogbo ọdún? Àwọn ọmọ tó yára ló ń jẹ ìyà kíláàsì àdàpọ̀, torí wọn kì í pariwo.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń fa wọ́n lọ síwájú láìsí olùkọ́. Kọ̀lọ́ńbíà ló yanjú èyí dáadáa jù. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, Vicky Colbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò Escuela Nueva sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Wọ́n tẹ ìwé atọ́nà fún ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ á kà nínú rẹ̀ ohun tó máa ṣe, ẹni tó máa bá a ṣe é, àti ìgbà tó máa pe olùkọ́. Bó bá parí ìwé kan, ó bọ́ sí èkejì, kò ní dúró de ìparí ọdún.

Àdúkẹ́_Abadíìnì:
Ṣùgbọ́n àwa kò ní ìwé yẹn.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
A ò ní. Páálí káàtọ̀n ni mo máa ń gé, màá kọ iṣẹ́ kan sí ojú rẹ̀, ìdáhùn sí ẹ̀yìn, màá fi nílọ́ọ̀nù wé e kó má bà á jẹ́. Ogún páálí lè gbé ẹgbẹ́ kan dé ìparí sáà. Kò tó ti Kọ̀lọ́ńbíà, mi ò ní parọ́.

Àdúkẹ́_Abadíìnì:
Ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì kéré, Bàbá. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó yí po. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí àwọn ńlá gba 15, kí àwọn kékeré lọ yàwòrán.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Ní sáà kejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ní sáà kìíní, mi ò ní gbà á. Ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kankan kò ní nǹkan tó lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Olóòótọ́:
Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí ínsípẹ́kítọ̀ bá dé, ó máa bèèrè nóòtì ẹ̀kọ́ pírámárì 1, ti 2, ti 3, ní ìwé mẹ́ta. Wọ́n ti bú mi rí nítorí pé mo kọ ọ̀kan.

TíṣàAbúlé:
Èyí ń bà mí lẹ́rù gan-an o.

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
Kọ ojú ìwé kan, kí o fa ìlà mẹ́ta sí i. Kókó kan lókè, «Ìyọkúrò». Lábẹ́ rẹ̀, ohun tí ìwé ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba béèrè fún pírámárì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o kọ ẹgbẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, àti déètì ìdánwò rẹ̀. Jẹ́ kí hẹ́dímásítà rẹ fọwọ́ sí i kí ínsípẹ́kítọ̀ tó dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀ ní 1989 ni kíláàsì àdàpọ̀ ti wà nínú iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí o hù nínú orí ara rẹ.

Olóòótọ́:
Àwọn ínsípẹ́kítọ̀ kan á gbà, àwọn kan ò ní gbà. Ẹ jẹ́ kó múra sílẹ̀ fún méjèèjì. Pírámárì 4 sí 6 ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn yòókù ṣe é?

Hẹ́dímásítà_Tó_Fẹ̀yìntì:
4 àti 5, bẹ́ẹ̀ ni. 6, rárá. Ìdánwò àṣejáde ń bọ̀ lọ́rùn wọn. Pẹ̀lú olùkọ́ mẹ́ta, èmi á ṣètò rẹ̀ báyìí: 1 sí 3 lọ́dọ̀ ọmọ mi, 4 àti 5 lọ́dọ̀ ẹnì kejì, kí hẹ́dímásítà mú 6.

Olóòótọ́:
Bàbá, ní irú abúlé yẹn, ọmọ mélòó ló máa kù ní 6? Mẹ́rin? Márùn-ún? Ẹ fi olùkọ́ odidi kan fún ọmọ mẹ́rin, ẹ wá kó 31 lé ẹnì kan lórí. Èmi á kúkú kó 4 sí 6 pọ̀, kí n já pírámárì 1 yọ kúrò lọ́wọ́ Àǹtí. Àwọn 15 onílẹ́tà yẹn nílò olùkọ́ tiwọn.

TíṣàAbúlé:
Àwọn mẹ́ta ló wà ní pírámárì 6 wa. Màá bá hẹ́dímásítà sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń kọ́ wọn, mi ò sì mọ bó ṣe máa gbọ́ ọ.